Ẹyin Ẹja: Èwo Lẹ Fẹ́ Rà, Kí Lẹ sì Fẹ́ Fi Ṣe?

Àpò tí abo ẹja ń kó ẹyin sí kó tó yé e ni à ń pè ní ẹyin ẹja nígbà tó bá dé ìdí ààrò. Nínú ọ̀pọ̀ ẹja, méjì ni àpò yìí, wọ́n nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ikùn, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò wọ́n, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì tò sára awọ náà. Bí ẹ bá là á, hóró ẹyin lẹ ó bá níbẹ̀, lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Oúnjẹ tí ọmọ ẹja ìbá jẹ láti dàgbà ló wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan, ìyẹn purotéènì àti ọ̀rá, ìdí sì nìyẹn tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ fi máa ń yóni.

Akọ ẹja náà ní àpò tirẹ̀. Ó funfun, ó rọ̀, ó sì ń dán. Àtọ̀ ni, kì í ṣe ẹyin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹlẹ́ja ní Ìlú Ọba máa ń to méjèèjì pọ̀ lórí àtẹ. Ẹ mú díẹ̀ sí àárín àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka, kí ẹ fi ra. Bí hóró bá ń yí lábẹ́ ìka, ẹyin ni. Bó bá ń yọ̀ bí ìpara, àtọ̀ ni. Kò sóhun tó burú nínú jíjẹ àtọ̀, ó dùn bí a bá fi fùláwà yí i tí a sì dín in nínú bọ́tà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá hóró kò ní rí i níbẹ̀.

Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ wo bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó, bí awọ hóró náà ṣe le tó, àti bóyá àwọn hóró yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló máa sọ bóyá ẹ lè sè é lódindi, bóyá ẹ lè tú u sí hóró kọ̀ọ̀kan kí ẹ fi iyọ̀ sí i, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì gbẹ ẹ́. Owó tí wọ́n ń tà á kò sọ ohun tí ẹ lè fi ṣe.

Àrọ̀ àti ṣáwá

Àwọn méjèèjì yìí ló sún mọ́ wa jù, wọn ò sì jọra rárá.

Ààyè ni a sábà máa ń ra àrọ̀, yálà ní ọjà Olúwo ní Ẹpẹ́ tàbí lẹ́bàá ọ̀sìn ẹja tó wà ládùúgbò, nítorí náà a lè yan abo níṣojú ara wa. Ẹ yí i dé, kí ẹ wo ìdí ihò tó wà lẹ́yìn ikùn. Ti akọ ní nǹkan ṣóńṣó kan tó gùn tó sì yọ síta. Ti abo kúrú, ó sì rí róbótó. Bí ikùn abo bá yọ tó sì rọ̀, ó ti gbẹ́yin. Abo àrọ̀ oníkílò 1 tó ti gbó dáadáa lè ní ẹyin tó tó 100 sí 150 gíráàmù. Hóró rẹ̀ kéré gan-an. Àwọn tó ń pa ọmọ àrọ̀ fún títà máa ń ka hóró bíi 600 sí 700 nínú gíráàmù 1 péré. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewé tó ń rọ, ó sì máa ń di bí àwọ̀ ilẹ̀ tàbí kó pọ́n díẹ̀ bó bá jiná. Hóró yìí máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan nítorí pé inú koríko odò ni àrọ̀ ń yé e sí, kí omi má bàa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jiná, kì í le. Ó máa ń rọ̀ lẹ́nu, òórùn ẹrẹ̀ díẹ̀ sì lè wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ pé omi ọ̀gbun ẹja náà kò mọ́.

Inú fírísà ni ṣáwá wa ti ń jáde, láti àwọn òkun òtútù lókè lọ́hùn-ún. A ò lè yí i dé láti wo akọ tàbí abo, àfi kí a tẹ ikùn rẹ̀. Èyí tó le tó sì yọ róbótó nígbà tí yìnyín ti yọ́ díẹ̀ ló lẹ́yin. Ìgbà tí wọ́n pa á náà ṣe pàtàkì. Ṣáwá tí wọ́n pa nígbà tó fẹ́ yé ẹyin ni ikùn rẹ̀ máa ń kún. Èyí tí wọ́n pa nígbà tó ń jẹun kó lè sanra máa ń lọ́ràá, ṣùgbọ́n ẹyin inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà, bí páálí kan bá lẹ́yin, àwọn tó kù nínú ẹrù kan náà sábà máa ń ní. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ìyá ẹlẹ́ja nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn tí wọ́n rà nínú páálí yìí láàárọ̀, ṣé wọ́n rí ẹyin níbẹ̀?"

Ẹyin ṣáwá máa ń so mọ́ ara rẹ̀ pinpin. Orí ewé òkun àti òkúta ló ń yé e sí, ó sì ní láti di wọ́n mú kí ìgbì má bàa gbá a dànù. Nígbà tó bá jiná, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún lábẹ́ eyín. Àwọn ará Jàpáànù fẹ́ràn dídún yìí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń fi iyọ̀ tọ́jú odindi àpò ẹyin ṣáwá fún ọdún tuntun. Kásúnókò ni wọ́n ń pè é. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè gbà lọ, wọ́n sì máa ń rẹ ẹ́ mọ́jú kí wọ́n tó jẹ ẹ́, nínú omi tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí, bíi ṣíbí ìmutíì kan nínú lítà 1, tí wọ́n sì ń pààrọ̀. Omi lásán máa ń jẹ́ kó korò.

Bẹ́ẹ bá ń wá ẹyin fún pẹ́pẹ̀súùpù, àrọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, nítorí pé ó máa ń fa omi ọbẹ̀ mu. Bẹ́ẹ bá ń wá èyí tẹ́ ẹ máa dín tẹ́ ẹ ó fi jẹ ẹ̀bà tàbí búrẹ́dì, ṣáwá ló dára jù lójú tèmi. Epìyà wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ kì í pọ̀. Ẹnu ni abo rẹ̀ ń kó ẹyin sí títí ọmọ yóò fi jáde, nítorí náà hóró ńlá díẹ̀ ló ń yé dípò hóró kékeré rẹpẹtẹ. Bó bá jiná, ó máa ń gbẹ, ó sì ń fọ́ bí yúkì ẹyin adìyẹ tí wọ́n sè jù.

Ẹ jẹ́ ká dín àpò kan

Ẹ fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó la ikùn ẹja láti ẹ̀yìn lọ sí iwájú, kí ẹ má sì jẹ́ kó wọlé jìn. Ohun tí ẹ ń sá fún ni òróòro, àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀. Bó bá bẹ́ sórí ẹyin, ibi tó kàn yóò korò, fífọ̀ kò sì ní mú un kúrò. Ẹ gé ibẹ̀ sọnù kíá, kí èyí tó kù má bàa bá a lọ.

Ẹ fi ọwọ́ yọ àpò náà jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi omi iyọ̀ ṣàn án nínú abọ́. Ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, torí agbára omi yẹn máa ń ya awọ rẹ̀. Àpò tó dára máa ń le díẹ̀, ó ń dán, iṣan rẹ̀ sì pupa. Bí iṣan náà bá ti di dúdú tàbí aláwọ̀ ewé, tí awọ ń yọ̀, tí òórùn rẹ̀ sì mú, ẹ dà á nù. Ẹ ṣọ́ra fún ẹyin tó ti gbó jù pẹ̀lú. Hóró rẹ̀ á ti mọ́ gaara, á sì máa ṣàn jáde bí omi. Kò lóró, ṣùgbọ́n kò ní dì lórí iná.

Bí ẹ bá ju ẹyin tútù sínú òróró gbígbóná, yóò bẹ́, yóò sì ta sí yín lójú. Omi tó wà lábẹ́ awọ ló ń di ooru, kò sì rí ọ̀nà jáde. Nítorí náà, sísè ló kọ́kọ́ wà. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún àpò náà níbi mélòó kan. Ẹ gbé lítà omi 1 kaná pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun kan iyọ̀, àlùbọ́sà, ata àti táìmù. Bó bá hó, ẹ dín iná kù títí omi yóò fi máa mì díẹ̀díẹ̀, ẹ wá sọ ẹyin sí i. Ti ṣáwá máa ń jiná láàárín ìṣẹ́jú 6 sí 8. Ti àrọ̀ tó nípọn lè gbà tó 12 sí 15. Ẹ gé èyí tó nípọn jù láàárín, kí ẹ wò ó. Bí àárín bá ṣì mọ́ gaara tó sì tútù, tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti ìta mu, ẹ dá a padà.

Ìgbà tó bá ti tutù pátápátá ni kí ẹ tó gé e. Bí ẹ bá gé e nígbà tó gbóná, yóò fọ́ yángá. Ẹ gé e ní ìpọn ìka kan, ẹ yí i nínú fùláwà tí ẹ ti fi iyọ̀ àti kọ́rì sí, kí ẹ wá dín in títí ìta yóò fi pọ́n. Kò ju ìṣẹ́jú 2 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé inú ti jiná tẹ́lẹ̀. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa gbẹ bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu.

Bó bá jẹ́ pẹ́pẹ̀súùpù lẹ fẹ́ fi ẹyin àrọ̀ sè, ẹ fi odindi àpò sí i nígbà tí ẹja ti jiná dé ìdajì. Bí ẹ bá fi síbi tí omi ti ń hó gùdùgùdù, awọ yóò ya, gbogbo hóró yóò tú sínú ọbẹ̀, omi rẹ̀ á sì ṣú.

Ẹyin kọ́ọ̀dù ní Ìlú Ọba

Àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀n á ti rí ẹyin kọ́ọ̀dù lórí àtẹ ẹlẹ́ja, àpò ńlá, èyí tó tútù tàbí èyí tí wọ́n ti sè tẹ́lẹ̀. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta ni èyí tó tútù máa ń pọ̀ jù, nítorí pé ìgbà yẹn ni kọ́ọ̀dù ń múra láti yé. Hóró rẹ̀ kéré ju ti ṣáwá lọ, kì í sì í dún lábẹ́ eyín. Ó máa ń rọ̀ ṣùgbọ́n ó máa ń dì, a sì lè gé e tẹ́ẹ́rẹ́ láìfọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta ẹja díndín pẹ̀lú ọ̀dùnkún fi ń gé e, tí wọ́n ń ki í bọ fùláwà pípò, tí wọ́n sì ń dín in.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà tà á, ó sì ṣe pàtàkì kí ẹ má ṣi ọ̀kan mú fún òmíràn. Èyí tó tútù gbọ́dọ̀ jẹ́ sísè bí mo ti sọ lókè, àmọ́ nítorí ìpọn rẹ̀, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ tó mọ́ wé e kí awọ má bàa ya. Èyí tó wà nínú agolo ti jiná, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹ kàn gé e, kí ẹ dín in. Kì í bẹ́ nínú òróró.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n fi iyọ̀ sí tí wọ́n sì fi èéfín yan. Kì í ṣe ti ọbẹ̀. Mo ti rí àwọn tó gé e sínú ọbẹ̀ ata bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹja yíyan nílé. Iyọ̀ inú rẹ̀ ba ìkòkò náà jẹ́, ẹyin sì yọ́ dànù. Ohun tí àwọn Gíríìkì ń fi irú rẹ̀ ṣe ni kí wọ́n bó awọ rẹ̀, kí wọ́n lọ inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ búrẹ́dì rírẹ, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti òróró ólífì, kí wọ́n wá fi búrẹ́dì mìíràn jẹ ẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, ó pọ́n díẹ̀ péré. Bí èyí tó wà nínú ike bá pupa rokoṣo, aró ni wọ́n fi sí i.

Sámọ́nì àti káfíà

Ibí yìí ni a ti ń kúrò lọ́dọ̀ àpò, tí a ń lọ sọ́dọ̀ hóró kọ̀ọ̀kan. Ẹyin sámọ́nì tóbi, ó lè tó mílímítà 5 sí 7, awọ hóró rẹ̀ lágbára, kò sì lẹ̀ mọ́ra bíi ti ṣáwá. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè tú u láìfọ́. Ìlànà àwọn ará Jàpáànù, tí wọ́n ń pè é ní ìkúrà, rọrùn láti tẹ̀ lé. Wọ́n á fi iyọ̀ 30 gíráàmù sínú lítà omi 1 tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì 40, wọ́n á ki àpò náà bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi ìka tú hóró kúrò lára awọ díẹ̀díẹ̀.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo hóró náà máa ń ṣú, wọ́n á di funfun lára. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé òun ti sè é jiná, á sì dà á nù. Kí ó má bẹ̀rù. Wọ́n á ṣàn án, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi iyọ̀ tàbí omi sóyà sí i. Bí iyọ̀ ṣe ń wọlé ni hóró náà ń mọ́ padà, títí yóò fi dà bí gíláàsì olómi ọsàn. Ó di mọ́jú nínú fíríìjì kó tó ṣeé jẹ. Nítorí pé kò rí iná rárá, aràn tó máa ń wà nínú ẹja òkun lè wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ fi í sínú fírísà tó lọ sí ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Sámọ́nì tó ti wọ inú odò tó sì fẹ́ yé kò dára fún èyí. Awọ hóró rẹ̀ á ti le, á máa ta kúrò lábẹ́ eyín. Èyí tí wọ́n pa lójú òkun kó tó wọ odò ni kí ẹ wá.

Káfíà gidi kì í ṣe ti sámọ́nì. Ẹyin ẹja sítọ́jọ̀n ni, ẹja àtijọ́ kan tó gbajúmọ̀ jù ní Òkun Kásípíà. Ìlànà rẹ̀ kò jìnnà sí ti ìkúrà: wọ́n á rọra ra àpò náà lórí asẹ́ kí hóró lè jábọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi iyọ̀ bíi ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún sí i. Iná kò kàn án. Ohun tó mú kó wọ́n ni pé abo oríṣi tí wọ́n ń pè ní bẹ̀lúgà lè lò tó ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbẹ́yin. Ìpajù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹja náà run, débi pé láti 1998 ni gbogbo oríṣi sítọ́jọ̀n ti wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ẹranko tó wà nínú ewu. Ọ̀sìn ni èyí tó pọ̀ jù lórí igbá lónìí ti wá, Ṣáínà ló sì ń ṣe jù.

Bí ẹ bá rí ìgò kékeré dúdú ní owó pọ́ọ́kú, ẹ ka orúkọ ẹja tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹyin lọ́mpì, ẹja òkun òtútù ní Áísìláńdì, tí wọ́n fi aró pa láró. Ẹ da díẹ̀ sórí àwo funfun. Bí àwo bá di dúdú tàbí pupa yíká hóró náà, ẹ ti mọ̀. Kò burú láti jẹ, àmọ́ ẹ má san owó sítọ́jọ̀n fún un. Irú kan náà ni àwọn hóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi sórí súṣì: èyí tó tóbi díẹ̀ tó sì ń dún ni ti ẹja tó ń fò lójú omi, èyí tó kéré jù tó sì rọ̀ ni ti ẹja kápílìn, owó rẹ̀ sì kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ń tà á máa ń fi èkejì rọ́pò èkíní.

Mọ́lẹ́ẹ̀tì: títẹ̀ àti gbígbẹ

Ọ̀nà tí mo gbádùn jù láti gbọ́ nípa rẹ̀ wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí. Ní etíkun Moriténíà, lẹ́bàá ibi tí òkun kò ti jìn tí wọ́n ń pè ní Báńkì Dágẹ́ẹ̀nì, àwọn apẹja tí wọ́n ń pè ní Ìmragẹ̀n ń pa ẹja mọ́lẹ́ẹ̀tì, àwọn obìnrin wọn sì ń sọ ẹyin rẹ̀ di ohun tó le bí pákó. Àwọn ará Ítálì ń ṣe irú rẹ̀, bọ́tágà ni wọ́n ń pè é. Odindi àpò ni wọ́n ń lò, wọn kì í tú u. Wọ́n á tẹ ẹ̀jẹ̀ jáde nínú iṣan rẹ̀, wọ́n á fi iyọ̀ bò ó, wọ́n á gbé e sáàárín pákó méjì tí nǹkan wíwúwo wà lórí rẹ̀, wọ́n á sì sá a sínú atẹ́gùn fún ọjọ́ púpọ̀ títí yóò fi di àwọ̀ oyin. Àpò mọ́lẹ́ẹ̀tì gba èyí nítorí pé awọ rẹ̀ lágbára, ọ̀rá inú hóró rẹ̀ sì pọ̀ tó láti má jẹ́ kó di eérú bó ti gbẹ. Ẹyin àrọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀ ní Èkó nígbà òjò. Atẹ́gùn aṣálẹ̀ Moriténíà gbẹ, ó sì ń fẹ́ láìdúró. Ọ̀rinrin tiwa máa ń jẹ́ kí ìta dì kí inú tó gbẹ, èbu á sì hù. Ẹni tó bá rí èyí tó dára rà, kí ó bó awọ òde rẹ̀, kí ó fi igi ìrẹ́ rẹ́ díẹ̀ sórí súpàgẹ́tì gbígbóná tàbí ìrẹsì funfun. Iyọ̀ inú rẹ̀ tó fún gbogbo àwo náà, kí onítọ̀hún má fi òmíràn sí i.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ

Ẹja kan wà tó máa ń wú bí bọ́ọ̀lù bí a bá fọwọ́ kàn án, ó sì wà ní etíkun wa pẹ̀lú. Ẹyin àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lóró gan-an. Sísè, dídín, yíyan àti iyọ̀ kò lè pa oró náà. Ètè àti ahọ́n ló kọ́kọ́ máa ń kú tìpìrì, lẹ́yìn náà ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á di aláìlágbára, mímí á sì le. Kò sí oògùn tó ń pa oró náà. Ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣe ni kí wọ́n ran aláìsàn lọ́wọ́ láti mí títí oró yóò fi kúrò lára rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n má fi epo pupa tàbí àgbo dá a dúró nílé. Nígbà tí apẹja bá kó oríṣiríṣi ẹja pọ̀ sínú agbọ̀n, tí ẹnìkan sì ń ta ẹyin tí wọ́n ti yọ kúrò nínú ikùn láìsí ẹja tó ni ín nítòsí, ẹ má rà á.